Bọ́ọ̀lù Tí Kì Í Lọ Tààrà: Láti Pápá Òyìnbó Dé Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

   Ìtàn eré kan ni mo gbé wá lónìí. Lọ́ọ̀nù bóòsì ni àwọn òyìnbó ń pè é. Kì í ṣe bọ̀ọ̀lì tí a fi ń jẹ ẹ̀pà o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ti lè rí i lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì: àwọn àgbàlagbà tó wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń yí bọ́ọ̀lù dúdú kan lórí koríko. Ẹ ti lè yí ìkànnì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú. Èmi náà máa ń yí i tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìníṣà, táyà ọ̀kadà tó ti gbó ni mọ́tò wa. A ó fi igi gbá a, a ó sì máa sáré tẹ̀ lé e. Bí táyà bá ń sáré dáadáa, á lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí eré rẹ̀ bá ti ń tán, á kọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ díẹ̀, á wá máa yà sí apá tó fẹ̀gbẹ́ sí. Bó ṣe ń rọra lọ sí i ni á ṣe máa yà sí i, títí á fi yí òbìrí, tí á sì wó lulẹ̀. Ẹni tó bá ti yí owó ẹyọ lórí tábìlì rí ti rí ohun kan náà. Ẹ fi táyà yẹn sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, mo bá ara mi ní ìlú òyìnbó, ní àdúgbò kan tí pápá bóòsì wà ní ẹ̀yìn ilé wa. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń bójú tó koríko ibẹ̀ rí i pé mo máa ń dúró wòran, ó sì ní kí n wọlé wá gbìyànjú. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan lé mi lọ́wọ́. Ó tóbi tó ìdajì àgbọn tí wọ́n ti bó, ó sì wúwo. Òfin gbà kí ó wọn tó kílò kan àbọ̀ àti díẹ̀ lé. Ó fi bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan hàn mí ní òdìkejì pápá. Jákì nìyẹn. Kò tóbi ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ, sẹ́ǹtímítà 6 àti díẹ̀ ni láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ohun tí eré náà bèèrè kò ju báyìí lọ: jẹ́ kí bọ́ọ̀lù rẹ sún mọ́ jákì ju ti ẹnìkejì rẹ lọ.

Mo dúró lórí ẹní kékeré tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, mo fojú sun jákì, mo sì yí bọ́ọ̀lù náà tààrà sí i. Ó kọ́kọ́ lọ dáadáa. Nígbà tó kù díẹ̀ kó débẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí jákì, ó yà sápá òsì, ó sì rọra rìn wọ inú ojú eré àwọn ẹlòmíràn. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò mí. Bàbá náà kàn rẹ́rìn-ín.

Ìdí rẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù yìí kò rí róbótó tán. Wọ́n gbẹ́ ẹ kí ẹ̀gbẹ́ kan yọ díẹ̀ ju èkejì lọ, débi pé àárín ìwúwo rẹ̀ kò sí ní àárín gbùngbùn. Báyáàsì ni òyìnbó ń pe èyí. Èmi yóò máa pè é ní ìtẹ̀sí. Wọ́n fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí o lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀: àmì kékeré wà ní ẹ̀gbẹ́ tí bọ́ọ̀lù yóò yà sí, àmì ńlá wà ní òdìkejì. Jákì ní tirẹ̀ kò ní ìtẹ̀sí kankan. Bí bọ́ọ̀lù bá kọ lù ú, tààrà ni yóò lọ.

Ta ló wá ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Pápá kan wà ní Southampton tí wọ́n sọ pé wọ́n ti ń ṣeré lórí rẹ̀ láti ọdún 1299. Nígbà yẹn, bọ́ọ̀lù róbótó lásán ni. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan wà pé ní ọdún 1522, bọ́ọ̀lù ìjòyè kan tó ń jẹ́ Charles Brandon fọ́ sí méjì láàárín eré. Ó sáré wọlé, ó fi ayùn gé orí róbótó tó wà lára igi àtẹ̀gùn, ó sì padà wá fi í ṣeré. Ibi tí ayùn ti gé e pẹlẹbẹ ló mú kí ó máa yà. Ìtàn tó dùn ni, ṣùgbọ́n èmi ò ní fi ọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ní ọdún 1556, Robert Recorde kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ojú ọ̀run pé bí a bá yí ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ọ̀lù padà díẹ̀, yóò yà kúrò lójú ọ̀nà. Recorde yìí kan náà ló dá àmì ìdọ́gba tó wà lórí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yín sílẹ̀, ní ọdún 1557. Nítorí náà, a mọ̀ pé nígbà ayé rẹ̀, ìtẹ̀sí kì í ṣe ohun tuntun mọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n gbà láyè kó ṣeré yìí? Èyí ló mú mi jókòó dáadáa nígbà tí mo kà á. Ní ọdún 1541, nígbà ọba Henry Kẹjọ, wọ́n ṣe òfin pé oníṣẹ́ ọwọ́, alágbàṣe, ọmọ iṣẹ́ àti ìránṣẹ́ ilé kò gbọdọ̀ ta bóòsì, àfi ní àkókò Kérésìmesì, nínú ilé ọ̀gá wọn, lójú ọ̀gá wọn. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ń mú ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn wọlé lọ́dún lè gba ìwé àṣẹ láti ṣe pápá tirẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí àwọn mẹ̀kúnnù lọ máa fi ọfà kọ́ ogun dípò kí wọ́n máa yí bọ́ọ̀lù. Ọdún 1845 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Ọdún 304! Káfíńtà tó gbẹ́ bọ́ọ̀lù náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yí i ní gbangba.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lè ṣeré, ìṣòro mìíràn yọjú. Bọ́ọ̀lù tèmi àti tìrẹ kò tẹ̀ bákan náà. Igi líle kan láti àwọn erékùṣù Kàríbíánì ni wọ́n fi ń gbẹ́ wọn, igi tó wúwo débi pé inú omi ló ń rì sí. Àwọn kan tún máa ń fi òjé sínú ẹ̀gbẹ́ kan kó lè yà dáadáa. Lọ́yà kan ní Glasgow, W. W. Mitchell, to òfin eré náà jọ ní ọdún 1849, ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú igi lọ wo bó ṣe tẹ̀. Ilé iṣẹ́ Thomas Taylor, tó wà ní Glasgow láti ọdún 1796, ló wá fi tábìlì gígùn yanjú rẹ̀. Wọ́n á yí bọ́ọ̀lù kan tí gbogbo ayé ti fọwọ́ sí lórí tábìlì náà, wọ́n á wo ibi tó dé. Wọ́n á wá yí tuntun láti ibì kan náà. Lónìí, kò sí òjé mọ́. Wọ́n ti ń fi nǹkan oníke ṣe bọ́ọ̀lù, ìrísí rẹ̀ nìkan ló sì ń fún un ní ìtẹ̀sí.

Ẹ wo ibi tí òfin náà gbà sí: kò sọ pé bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ tẹ̀ jù. Ó ní kò gbọdọ̀ tẹ̀ dín sí ti bọ́ọ̀lù òdiwọ̀n. Ìdí ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe màgòmágó, ńṣe ni yóò ha ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó lè máa lọ tààrà. Ọ̀nà tó tẹ́ẹ́rẹ́ rọrùn láti fojú wọ̀n. Òǹtẹ̀ tó wà lára bọ́ọ̀lù ni ẹ̀rí pé ó ti yege.

Ó dáa, báwo ni ìtẹ̀sí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an? Ẹ rántí táyà wa. Ìwúwo tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ń fa bọ́ọ̀lù náà pé kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nígbà tó ṣì ń yí kíákíá, eré rẹ̀ lágbára ju ìfàyà yìí lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ yà. Bí eré ṣe ń tán, ìfàyà náà kò dín kù rárá, ṣùgbọ́n ohun tó ń dì í mú ti ń rọ̀. Nítorí náà ló ṣe jẹ́ pé ìparí ìrìn rẹ̀ ló ti ń yà jù. Bí o bá wo ọ̀nà tó gbà, yóò dà bí ọrun tí wọ́n tẹ̀ ní ìdí: ó gùn, ó fẹ̀ jáde, ó wá ká wọlé lójijì. Ibi tó fẹ̀ jù kì í ṣe àárín. Tí ẹ bá pín ọ̀nà láti ẹní dé jákì sí mẹ́wàá, bí ìdá mẹ́fà ni ibẹ̀ wà. Èjìká ni àwọn eléré ń pe ibẹ̀.

Ohun kejì ló yà mí lẹ́nu jù. Bóyá jákì wà nítòsí tàbí ó wà lọ́nà jíjìn, lórí pápá kan náà, ìgun tí o máa fi rán bọ́ọ̀lù jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀nà kúkúrú jẹ́ àwòrán kékeré ti ọ̀nà gígùn. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bí ojú tí o fi sun ún bá tọ̀nà, bọ́ọ̀lù rẹ yóò dúró sórí okùn tó lọ tààrà láti ẹní dé jákì, ì báà kúrú, ì báà kọjá. Agbára lè má tó, kó sì jẹ́ pé ojú ọ̀nà tọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Èmi ò mọ èyí ní ọdún tí mo kọ́kọ́ bá wọn díje. Àwa mẹ́ta la wà ní ẹgbẹ́ kan, bàbá yẹn ni olórí wa. Ó ti pé ọdún 80, ó sì ti sọ fún wa pé ọdún náà lòun máa díje kẹ́yìn. Ó kù ìpele kan, àmì ayò wa dọ́gba. Jákì wà ní mítà 27. Mo yí bọ́ọ̀lù mi àkọ́kọ́ láti ọwọ́ ọ̀tún kó lè ká wọlé sí òsì. Agbára mi pọ̀ jù. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jákì kọjá, ó fi bí ìdajì mítà jìnnà sí i, ó sì lọ dúró ní mítà mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ nínú ọkàn mi pé mo ti gbà á fẹ̀ jù. Mo wá dín ìgun náà kù ní ìdajì mítà, mo sì dín agbára kù.

Agbára pé wẹ́kú lọ́tẹ̀ yìí. Bọ́ọ̀lù náà rìn dé iwájú jákì, ó ká wọlé, ó sọdá, ó dúró ní ìdajì mítà sápá òsì. Àwọn alátakò wa ní ọ̀kan tó sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ la pàdánù sí.

Bàbá kò bínú. Ó mú mi lọ síbi bọ́ọ̀lù mi àkọ́kọ́, èyí tó kọjá, ó sì ní kí n wo ẹní láti ibẹ̀. Mo wò ó. Bọ́ọ̀lù náà, jákì àti ẹní wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ojú ọ̀nà mi àkọ́kọ́ kò ní àléébù rárá! Ìdí tó fi fi ìdajì mítà gba ẹ̀gbẹ́ jákì kọjá ni pé kò tíì parí yíyà rẹ̀ nígbà tó ń kọjá. Mo fi ibi tó gbà kọjá ṣe ìdájọ́ dípò ibi tó dúró sí, mo sì tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Ó kàn sọ pé, “Ibi tó sùn sí ni kí o máa wò.”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka bọ́ọ̀lù mi báyìí. Tó bá dúró sórí ìlà, n kò ní fọwọ́ kan ìgun, agbára nìkan ni mo máa ṣàtúnṣe. Bó bá sùn sí ẹ̀gbẹ́ tí mo rán an gbà, mo gbà á fẹ̀ jù. Bó bá sọdá sí òdìkejì, mo há a jù. Bí mo bá wá fẹ́ sún ibi tí yóò sùn sí ní mítà kan, èjìká ni mo máa ń wò: níbẹ̀, sísún bí ọgọ́ta sẹ́ǹtímítà ti tó, nítorí kò tíì rìn dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ pápá fúnra rẹ̀ wàyí, nítorí pápá lè tàn ọ́ jẹ. Wọ́n máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá ka eré pápá: àkókò tí bọ́ọ̀lù fi rìn láti ọwọ́ rẹ títí tó fi dúró ní mítà 27. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí koríko ti ń tutù, ó lè jẹ́ 11 tàbí 12. Ní Ọsirélíà àti Niu Sílándì, ó lè tó 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣọ́ra níbí: pápá tí wọ́n ń pè ní pápá kíákíá ni bọ́ọ̀lù ti ń pẹ́ jù kó tó dúró. Ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, nítorí náà o máa rọra rán an, yóò sì pẹ́ lẹ́nu ìrìn. Àkókò tó pẹ́ yẹn ni ìfàyà fi ń ráyè ṣiṣẹ́. Bí pápá bá ti 12 bọ́ sí 15, ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù kan náà yóò gbà á fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tó ìdajì ohun tó jẹ́. Ìrì òwúrọ̀ àti oòrùn ọ̀sán lè ṣe irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Mo gbé bọ́ọ̀lù mẹ́rin wálé nígbà tí mo wá kí àwọn òbí mi. Kọ́sítọ́ọ̀mù bi mí bóyá ọta ìbọn ayé àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn di ìtàn ọjọ́ mìíràn. Àbúrò mi bá mi kó wọn lọ sí pápá kan ní Ìkìrun, tí koríko rẹ̀ ga tó kókósẹ̀. Mo yí i pẹ̀lú gbogbo agbára tí mo fi ń dé mítà 27 lọ́hùn-ún. Mítà mẹ́sàn-án ló lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yà rárá. Àbúrò mi wojú mi. “Bọ̀ọ̀dá, ṣé nǹkan tí ẹ ń sọ pé ó ń yà nìyí?” Koríko ti pa eré rẹ̀ kí ìfàyà tó rí nǹkan kan ṣe.

Ní ọjọ́ kejì a lọ sí pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìníṣà, orí ilẹ̀ pupa tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ le. Ibẹ̀ ló ti yà dáadáa, àfi pé òkúta wẹ́wẹ́ ń dà á láàmú. A tètè kọ́ bí a ṣe ń mọ ìyàtọ̀: ìtẹ̀sí máa ń yà á díẹ̀díẹ̀, láì já, òkúta máa ń ṣẹ́ ọ̀nà rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fẹsẹ̀ kọ. Èyí tí òkúta bá ṣẹ́, a kì í fi ṣe ìdájọ́.

Òkukù ló wá pa wá lẹ́rìn-ín. Gbọ̀ngàn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti máa ń ṣe ìnáwó, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tó ń dán. A gbé ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí mítà 15, òun ni jákì wa. Mo rọra rán bọ́ọ̀lù jáde bí mo ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún. Ó yà, ó yà, ó ré kọjá níwájú ọsàn, ó lọ wọ abẹ́ àga tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ka àkókò rẹ̀ lórí fóònù: nígbà tí bọ́ọ̀lù bá máa fi dúró ní mítà 15 péré, ìṣẹ́jú àáyá 15 ti lọ. Mo ṣe ìṣirò díẹ̀. Lórí sìmẹ́ńtì yìí, ìtẹ̀sí yóò fẹ̀ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ sí ìlọ́po mẹ́ta ti pápá tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 12. Mo ní láti fojú sun ibi tó fi bíi mítà mẹ́ta jìnnà sí ọsàn, bí ẹni pé ojú mi ti fọ́.

Àbúrò mi ní kí n fún òun ní ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ rẹ̀ kúrú, ó dúró ní mítà méjì síwájú ọsàn, lórí ìlà tààrà. Ó fẹ́ yí ìgun rẹ̀ padà. Mo ní, “Rárá o. Wo ibi tó sùn sí.” Ó wò ó, ó wo ọsàn, ó padà sẹ́yìn, ó fi ojú sun ibì kan náà, ó sì fi agbára díẹ̀ kún un. Bọ́ọ̀lù náà jáde lọ sí ọ̀tún bí ẹni tó ń sá fún gbèsè. Nígbà tó dé èjìká, ó ronú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń rọra, ó ń rọra, títí ó fi fara ti ọsàn náà, tí kò sì tì í kúrò lójú kan.

A kò rí ẹni pè láti wá wò ó. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Àbúrò mi bó ọsàn, ó sì jẹ ẹ́.